Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fífi yúríà tọ́jú koríko ìrẹsì fún àgùntàn àti ewúrẹ́ ní Èkìtì

Tí wọ́n bá ti lu ìrẹsì tán ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì, òkìtì koríko ló máa ń kù sílẹ̀ lójú oko, iná ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì máa ń sọ sí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á gbẹ koríko ẹ̀bá ọ̀nà, tí àwọn tó ń sin àgùntàn á wá máa wá ohun tí ẹran wọn ó jẹ kiri. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2016 ti de dídaran kiri ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, orí ìso ni oúnjẹ ti ń bá ọ̀pọ̀ ẹran. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rí èéfín lórí oko ìrẹsì ní oṣù Kejìlá. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lọ nípa koríko yìí ni mo dáhùn síbí.

Àgùntàn mi kì í jẹ koríko ìrẹsì, tó bá sì jẹ ẹ́, ó tún máa ń rù. Kí ni yúríà máa ṣe sí i?

Ìdí méjì ni àgùntàn fi ń rù lórí koríko ìrẹsì lásán. Èkíní ni pé òwú tó wà nínú koríko náà, tó yẹ kó di okun fún ẹran, ti há sáàárín ohun líle kan tó lẹ̀ mọ́ ọn bíi sìmẹ́ńtì. Èkejì ni pé èròjà amúnidàgbà, ìyẹn pùrótéènì, kò ju bí ìdá 4 nínú 100 lọ nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé inú ṣàkì ẹran ló ń bá a da koríko, wọ́n sì fẹ́ kí pùrótéènì inú oúnjẹ tó ìdá 7 nínú 100 kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ebi ń pa wọ́n, koríko á pẹ́ nínú ṣàkì, ikùn ẹran á dà bí èyí tó yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà.

Tí a bá po yúríà mọ́ omi, tí a wọ́n ọn sórí koríko, tí a sì bò ó kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, àwọn kòkòrò tó wà lára koríko náà á sọ yúríà di amóníà. Amóníà ni òórùn tó máa ń gbá èèyàn nímú nínú ilé adìyẹ tí wọn ò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òun ló ń wọ inú koríko, tó ń tú ohun líle yẹn kúrò lára òwú, tí koríko fi ń wú tó sì ń rọ̀. Díẹ̀ nínú amóníà náà á dúró sínú koríko, pùrótéènì rẹ̀ á sì lọ sókè láti ìdá 4 sí bí ìdá 8 nínú 100. Ẹran á jẹ púpọ̀ sí i, èyí tó jẹ á sì dà dáadáa.

Ṣé gbogbo ohun tó bá kù lóko ni mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún?

Rárá. Ohun gbígbẹ, líle, tí kò ní adùn, tí kò sì ní pùrótéènì ni iṣẹ́ yìí wà fún: koríko ìrẹsì, pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà. Pòròpórò àgbàdo gbọ́dọ̀ di gígé wẹ́wẹ́, kó má gùn ju ìka ọwọ́ lọ, nítorí tí ẹ bá kó o sílẹ̀ ní gbọọrọ, afẹ́fẹ́ á há sáàárín rẹ̀, á sì bu.

Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ ti ní pùrótéènì tirẹ̀, ẹ má fi yúríà ṣòfò lórí wọn. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ oúnjẹ agbára. Ẹ sá a gbẹ kí májèlé inú rẹ̀ lè lọ, kí ẹ sì pa á mọ́, nítorí ó máa wúlò fún wa nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe lo koríko tútù, ẹ má sì lo koríko tí òjò ti pa tó ti ń bu. Yúríà kò lè sọ èyí tó ti bàjẹ́ di dáadáa.

Yúríà wo? Ṣé èyí tí a ń fi sí àgbàdo náà ni?

Òun náà ni, ajílẹ̀ funfun oníhóró tí wọ́n kọ 46% náítírójìn sí lára àpò. Àwọn ajílẹ̀ aláwọ̀ méjì mẹ́ta tí wọ́n kọ NPK sí lára kò sí nínú èyí rárá, ẹ má fún ẹran. Kí yúríà náà gbẹ, kó máa ṣẹ́ kèrékèré lọ́wọ́. Èyí tó ti yọ́ mọ́ inú àpò máa ń ṣòroó wọ̀n, ìwọ̀n sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi kóńgò tàbí ẹ̀kúnwọ́ díwọ̀n rẹ̀. Ẹ yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹran dídì lọ́jà tí ẹ ò bá ní tiyín.

Ẹ ṣàlàyé bí mo ṣe máa ṣe 100 kílò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

100 kílò koríko gbígbẹ, 4 kílò yúríà, 50 lítà omi. Ẹ di ìwọ̀n mẹ́ta yìí mú. Gálọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè tó ń gba 25 lítà, méjì rẹ̀ ni omi yẹn. Tí koríko bá gbẹ gan-an nínú ọyẹ́, omi lè tó 60 lítà, ṣùgbọ́n yúríà kò gbọdọ̀ kúrò ní 4 kílò.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kan tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan àti ààbọ̀, tó sì jìn ní mítà kan, ní ibi tí àgbàrá kì í gbà. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn sínú rẹ̀, kó yọ síta yíká dáadáa, kí ẹ lè rí èyí tí ẹ máa fi bò ó pa dà. Ẹ wo náílọ́ọ̀nù náà sójú oòrùn kí ẹ tó tẹ́ ẹ, nítorí ihò tó kéré bí orí ìṣó lè ba odindi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ gbẹ́ kòtò lè lo dúrọ́ọ̀mù onírọ́bà tó ní ìdérí, tàbí kó ti àpò náílọ́ọ̀nù líle bọ inú àpò ìrẹsì, kó wá pín iṣẹ́ náà sí àpò-àpò.

Ẹ wá wọn koríko. Mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pín in sí ìdì mẹ́wàá, kí ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 kílò, kí wọ́n sì pín omi yúríà náà sí lítà márùn-ún-márùn-ún. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá da gbogbo omi lé òkìtì koríko lórí máa rí i pé ó ṣàn lọ sísàlẹ̀, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á sì mu yúríà ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ìdì kan bá gba lítà márùn-ún tirẹ̀, ẹ̀rù ò bà yín mọ́.

Ẹ ro yúríà sínú omi títí tí ẹ ò fi ní rí hóró kankan nísàlẹ̀ mọ́. Ọwọ́ yín á tutù bí ẹ ṣe ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni yúríà ṣe máa ń ṣe tó bá ń yọ́, kì í ṣe àmì àbùkù. Ẹ tẹ́ ìdì kìíní sínú kòtò, ẹ fi agolo olójú wẹ́wẹ́ tí a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ wọ́n lítà márùn-ún sí i, ẹ fi àmúga yí i, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà, pàápàá ní igun àti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìdì kejì, títí dé ìkẹwàá. Ẹ má lo fámpù tí ẹ fi ń fín oògùn apako láéláé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Tó bá kún, ẹ ká náílọ́ọ̀nù náà lé e lórí, ẹ fún gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi òmíràn bò ó, kí ẹ wá wọ́ yẹ̀pẹ̀ lé etí rẹ̀ yíká. Ẹ to igi tàbí táyà àtijọ́ lé e lórí. Ẹ ṣọgbà yí i ká pẹ̀lú, nítorí ewúrẹ́ àdúgbò yóò gun orí rẹ̀, pátákò rẹ̀ á sì dá a lu.

Ṣé mo lè po mọ́láásì mọ́ omi yúríà yẹn kó lè dùn?

Ẹ má ṣe é. Ìbéèrè yìí ni mo ń gbà jù, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èmi ò gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni. Mọ́láásì ni omi dúdú tó ki, tó sì dùn, tó máa ń ti ilé iṣẹ́ ṣúgà jáde; òun àti yúríà kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Yúríà ń di amóníà láti tú koríko. Mọ́láásì kò lè tú koríko, okun àti adùn ló ní. Tí ẹ bá kó o sínú kòtò pẹ̀lú yúríà, adùn inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, kíkan yẹn á sì di amóníà mú kó tó ráyè ṣiṣẹ́ lára koríko. Ẹ máa ti san owó méjì fún iṣẹ́ tí kò pé.

Ó tún ní ewu. Nígbà tí amóníà bá pàdé adùn púpọ̀ nínú ooru, májèlé kan lè ti ibẹ̀ jáde tó máa ń mú kí màlúù ya bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kó máa sáré lu ọgbà, ó sì lè gba inú wàrà dé ara ọmọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lókè pé koríko tútù kò gbọdọ̀ wọ kòtò yìí, torí adùn ṣì wà nínú òun náà. Mọ́láásì ní àyè tirẹ̀, ọjọ́ tí ẹran bá fẹ́ jẹun ni.

Ọjọ́ mélòó ni kí n fi sílẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná?

Ọjọ́ 21. Nínú ooru oṣù Kẹta, ọjọ́ 14 lè tó, ṣùgbọ́n òru ọyẹ́ máa ń tutù ní Èkìtì, òtútù sì ń fa iṣẹ́ amóníà sẹ́yìn. Ẹ má kánjú ṣí i. Koríko tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ karùn-ún ṣì ní yúríà tí kò tíì yí pa dà nínú, ìyẹn sì lè ṣe ẹran léṣe.

Tí ẹ bá ṣí etí rẹ̀, amóníà gbọ́dọ̀ gbá yín nímú débi pé ojú yín á ta. Ẹ yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn tí ẹ bá ń ṣí i, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Àwọ̀ koríko náà á ti kúrò ní ìyeyè ràkọ̀ràkọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, á ti di pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń lọ sí dúdú. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ ká a mọ́ ìka yín. Èyí tó jinná á ká láìṣẹ́, èyí tí kò jinná á dá kẹ́.

Mo ṣí i, mo rí funfun funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń rùn bí ohun tó ń jẹrà. Ṣé mo lè sá a sóòrùn kí n fún wọn?

Èbu ni. Oòrùn kì í mú májèlé èbu kúrò. Ẹ gé gbogbo apá ibẹ̀ pẹ̀lú bí ìbú ọwọ́ kan yíká rẹ̀, kí ẹ kó o lọ sí ààtàn. Tí ìyókù bá ń ta amóníà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dára, ẹ lè lò ó.

Ẹ wo ibi tó ti bu, yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ etí òkè ló bu, ìbòrí ni kò dì. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò wà lára náílọ́ọ̀nù níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló rọ̀ tó ń yọ̀, omi ti pọ̀ jù tàbí àgbàrá wọlé. Tó bá sì jẹ́ pé inú rẹ̀ lápapọ̀ ṣì pọ́n ìyeyè, tó gbẹ, tí kò ní òórùn kankan, omi kò kàn án tàbí yúríà ò tó, tàbí kí amóníà ti gba ihò kan jáde tán. Irú èyí kò di nǹkan kan, koríko ìrẹsì lásán náà ló ṣì jẹ́.

Mo ní àgbò mẹ́fà tí mo fẹ́ tọ́jú de Iléyá. Báwo ni mo ṣe máa fún wọn?

Ká sọ pé àgbò kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó 25 kílò. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè jẹ bí ìdajì kílò koríko yìí lóòjọ́, tí a bá fojú gbígbẹ wò ó. Ẹran mẹ́fà, kílò mẹ́ta lóòjọ́. 100 kílò yín á tó wọn fún bí oṣù kan. Ṣùgbọ́n koríko inú kòtò ti mu omi, gbogbo rẹ̀ ti di bí 154 kílò, nítorí náà, tí ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n lójoojúmọ́, kílò mẹ́rin àti ààbọ̀ lé díẹ̀ ni kí ẹ bù fún àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bu ti ọ̀la, kí ẹ dé kòtò pa dà wẹ́rẹ́, kí ẹ wá tẹ́ èyí tí ẹ bù sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà di àárọ̀. Amóníà tó lè ta ẹran lójú á ti lọ, èyí tó ti wọ inú koríko á dúró. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n yíjú kúrò. Ẹ po ìdá kan rẹ̀ mọ́ ìdá mẹ́ta oúnjẹ tí wọ́n mọ̀, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má fi ebi pa àgbò kí ẹ wá kó koríko yìí fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

Koríko yìí nìkan lè má jẹ́ kí àgbò rù, ó sì lè fi díẹ̀ kún un lára, ṣùgbọ́n kò lè mú un sanra de Iléyá. Ẹ fi ìwọ̀nba èèpo ẹ̀gẹ́ tó gbẹ dáadáa kún un, bí 150 gíráàmù fún àgbò kan, nítorí àwọn kòkòrò inú ṣàkì nílò okun kí wọ́n lè sọ amóníà yẹn di ẹran ara. Ewé agúnmaníyè tí ẹ ti jẹ́ kó rọ fún ọjọ́ kan náà dára, ẹ̀kúnwọ́ méjì fún ẹran kan. Iyọ̀ lílá àti omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n wọn láàárọ̀ lálẹ́.

Ìgbà wo wá ni mọ́láásì ń wọlé?

Àárọ̀ tí ẹ fẹ́ kó koríko síwájú wọn. Fún àgbò mẹ́fà wọ̀nyí, bí 200 mílílítà mọ́láásì tó. Ẹ fi omi tó pọ̀ tó o là á, kí ẹ wọ́n ọn sórí koríko tó ti gba atẹ́gùn, kí ẹ sì yí i pọ̀. Adùn rẹ̀ á mú kí wọ́n tètè mọ oúnjẹ náà jẹ. Tí ìgbẹ́ wọn bá ń rọ̀, mọ́láásì ti pọ̀ jù.

Mo mọ̀ pé mọ́láásì ṣòroó rí ní Adó tàbí Ìkéré. Ilé iṣẹ́ ṣúgà ló ń ti jáde, irú èyí tó wà ní Nùmáàn ní ìpínlẹ̀ Adámáwá, owó ọkọ̀ rẹ̀ sì lè ju owó òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má torí rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí ẹ gún kúnná tàbí eèrí ọkà máa ṣe iṣẹ́ okun tó yẹ kí mọ́láásì ṣe, èèpo ẹ̀gẹ́ sì wà ní ilé gaàrí.

Èmi ò ní ráyè dúró de ọjọ́ 21. Ṣé mi ò lè wọ́n yúríà díẹ̀ sórí koríko kí n fún wọn lójú ẹsẹ̀?

Àwọn tó mọṣẹ́ gan-an máa ń ṣe é pẹ̀lú mọ́láásì, ní ìwọ̀n tó kéré gan-an. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mo ní rárá. Yúríà tí kò tíì yí pa dà máa di amóníà nínú ṣàkì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí ojú kan bá sì mu jù, ẹran tó bá jẹ ojú náà lè kú. Kò tilẹ̀ ní ráyè tú koríko rárá.

Ẹran wo ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́?

Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nìkan ló wà fún: àgùntàn, ewúrẹ́, màlúù. Ọmọ ẹran tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò tíì ní ṣàkì tó dàgbà tó láti lò ó, ẹ má fún un. Ẹlẹ́dẹ̀, ẹṣin, ehoro àti adìyẹ kò ní nǹkan kan láti rí gbà níbẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀wà sóyà tútù kún oúnjẹ ẹran ní àsìkò tí ẹ ń lo yúríà. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń sáré sọ yúríà di amóníà.

Ewúrẹ́ mu omi yúríà tí mo ro sínú abọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má dúró wò ó. Láàárín wákàtí kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, inú rẹ̀ á wú, á máa mí gúlegúle, á sì ṣubú. Ẹ bu fínígà bí ìdajì lítà sí lítà kan, ẹ pò ó mọ́ omi tútù tó pọ̀ tó o, kí ẹ rọra máa fi sí i lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kó lè máa gbé e mì. Ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù kó má bàa gba ẹ̀dọ̀fóró. Kíkan fínígà ló ń dí amóníà lọ́wọ́ kó má wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti ṣubú tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má fi tipátipá fún un. Kí ẹnì kan ti máa pe dókítà ẹran ní gbogbo àkókò yìí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ra fínígà sílé kí ẹ tó ra yúríà. Ewúrẹ́ tó ń rìn kiri àdúgbò ni mo ń bẹ̀rù fún jù, torí abọ́ omi tí wọ́n gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ni wọ́n máa ń mu. Omi tó bá ṣẹ́ kù, ẹ bù ú sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ ṣan abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ẹran àgbò tó jẹ ẹ́ kò ní máa rùn, tàbí kó pa wá lára?

Kò ní rùn. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì ti lo amóníà yẹn láti fi kọ́ ara tiwọn, àwọn ni ẹran sì ń dà nínú ìfun gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ.

Àpò yúríà kan máa tó koríko mélòó?

Àpò 50 kílò máa tó 1,250 kílò koríko ìrẹsì. Fún àgbò mẹ́fà, ìyẹn ju ọdún kan lọ, kò sì sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nígbà òjò. Nítorí náà, ó dára kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin pawọ́ pọ̀ ra àpò kan, kí wọ́n jọ lo òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n sì jọ gbé ọkọ̀ lọ kó koríko ní Ìgbẹ́mọ. Ẹ tètè bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lu ìrẹsì, nítorí kò sí àgbẹ̀ tó máa dúró de oníbàárà nígbà tó bá fẹ́ palẹ̀ oko rẹ̀ mọ́.